Èsì Tí Ó Yẹ Nígbà Tí Alágbàtà Bá Fi Iṣẹ́ Tí Ó Kéré Sí Ìrírí Wa Lọ̀ Wá

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí a ń gba owó oṣù ni orúkọ wa wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà iṣẹ́, ìyẹn àwọn tí ilé-iṣẹ́ máa ń rán láti bá wọn wá òṣìṣẹ́. Láti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáṣẹ́ kiri ni orúkọ ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá fún ọdún mẹ́wàá fi lè ṣàdédé rí ìwé lórí fóònù rẹ̀ pé kí ó wá gba iṣẹ́ tí ó ti ṣe kọjá nígbà èwe rẹ̀.

Àwọn kan a bínú, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ líle fèsì. Àwọn mìíràn kì í fèsì rárá. Àwọn kan sì wà tí àyà a já, pàápàá bí ilé-iṣẹ́ wọn bá ń dín òṣìṣẹ́ kù. Wọn a ní bóyá ibi tí àwọn tó nínú ọjà nìyí, wọn a sì gba iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀ràn yìí wò dáadáa, kí á sì fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé èsì tí ó lè ṣe wá láǹfààní.

Ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń wá

Ilé-iṣẹ́ ni ó ń san owó fún alágbàtà, kì í ṣe ẹni tí ń wáṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó yìí a máa jẹ́ ìdá kan nínú owó oṣù ọdún kìn-ín-ní ẹni tí wọ́n bá gbà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ní kí ó wá akọ̀wé sítọ́ọ̀, alágbàtà a tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú àkọsílẹ̀ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo orúkọ tí ọ̀rọ̀ náà bá wà lára wọn a sì jáde. Kì í sábà ka ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fún un ní ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe akọ̀wé, akọ̀wé ni alágbàtà yóò máa pè é títí tí ẹnìkan yóò fi tún àkọsílẹ̀ náà ṣe.

Nítorí náà, ìwé ọ̀hún kì í ṣe àrífín, kì í sì í ṣe ìdíyelé. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí owó alágbàtà bá sì jẹ́ ìdá owó oṣù ẹni tí ó mú wá, yóò dùn mọ́ òun pàápàá láti mọ̀ pé ẹni tí òun ń pè ní akọ̀wé ti di ọ̀gá. Ohun tí èsì wa wà fún ni láti kọ iṣẹ́ tí kò bá wa mu, kí ó sì tún àkọsílẹ̀ ṣe kí iṣẹ́ tí ó bá wa mu lè bá wa nígbà mìíràn.

Kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó kéré lóòótọ́

Orúkọ ipò a máa tan ni jẹ. Ní báńkì wa ní Nàìjíríà, ẹni tí a ń pè ní igbákejì máníjà lè má ní òṣìṣẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn ìgbéga ni orúkọ náà jẹ́. Ní ilé-iṣẹ́ kékeré ẹ̀wẹ̀, ẹni tí a kàn ń pè ní ọ́fíísà lè jẹ́ òun nìkan ni gbogbo sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń fi bí ipò ti tó hàn ni ọdún ìrírí tí wọ́n béèrè, ẹni tí a ó máa jíṣẹ́ fún, iye ènìyàn tí yóò wà lábẹ́ wa, owó tí a lè fọwọ́ sí láìbi ẹnikẹ́ni, àti owó oṣù. Bí púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá sí nínú ìwé alágbàtà, kí á má tí ì kọ̀ ọ́. Kí á fi ìlà kan béèrè pé: “Ta ni ẹni náà yóò máa jíṣẹ́ fún, ènìyàn mélòó ni yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀?” Ìdáhùn ìbéèrè yìí nìkan ti tó láti la ọ̀ràn náà yé wa.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé obìnrin kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ ní Ìbàdàn. Ó ti lo ọdún 14 nídìí iṣẹ́ sítọ́ọ̀. Akọ̀wé ni nígbà tí ó fún alágbàtà ní ìwé rẹ̀ ní 2013. Nísinsìnyí, ó jẹ́ olórí sítọ́ọ̀ 3 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 18, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 420,000 náírà. Alágbàtà wá fi iṣẹ́ akọ̀wé sítọ́ọ̀ ní Ṣágámù ránṣẹ́ sí i: ìrírí ọdún 1 sí 3, ẹni náà yóò máa jíṣẹ́ fún alábòójútó sítọ́ọ̀, kò sí ẹni lábẹ́ rẹ̀, owó oṣù sì jẹ́ 150,000 náírà. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Èsì tí ó lè kọ nìyí. A kọ ọ́ ní èdè wa kí ó lè yé gbogbo wa. Ẹ lè kọ tiyín ní èdè tí alágbàtà bá fi kọ̀wé sí yín.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi fún iṣẹ́ akọ̀wé sítọ́ọ̀ ní Ṣágámù. Iṣẹ́ náà kò bá ibi tí mo dé mu, nítorí ẹni tí ó ní ìrírí ọdún 1 sí 3 ni ó ń fẹ́. Èmi ti lo ọdún 14, mo sì jẹ́ olórí sítọ́ọ̀ 3 àti òṣìṣẹ́ 18 lọ́wọ́lọ́wọ́. Ohun tí mo lè gbé yẹ̀ wò ni ipò máníjà sítọ́ọ̀, ní Ìbàdàn, Ṣágámù tàbí Ìkẹjà, tí owó oṣù rẹ̀ kò dín ní 550,000 náírà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ìtàn iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ yìí rọ́pò ti 2013 tí ó wà lọ́dọ̀ yín.”

Ẹ wò ó pé kò sọ pé iṣẹ́ náà kéré, kò sì sọ pé wọ́n rí òun fín. Ó ní kò bá ibi tí òun dé mu, ó sì fi iye sí i. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. “Mo ní ìrírí púpọ̀” kò lè ran alágbàtà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ 3 àti òṣìṣẹ́ 18 jẹ́ ohun tí ó lè kọ sílẹ̀, tí ó sì lè tún sọ fún ilé-iṣẹ́.

Ẹ tún wò ó pé kò dárúkọ owó tí ó ń gbà báyìí. Bí alágbàtà bá mọ̀ pé 420,000 ni, ó lè rò pé díẹ̀ lórí rẹ̀ yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Iye tí òun kò ní gbà kí ó dín ni ó sọ, kí àwọn méjèèjì má bàa fi àkókò ṣòfò. Bákan náà, ó dárúkọ ipò àti ìlú. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé “ohunkóhun tí ẹ bá ní” yóò tún rí ìwé akọ̀wé gbà lóṣù tí ń bọ̀.

Ó dára kí irú èsì yìí lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tí alágbàtà ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí orúkọ náà. Bí a bá mọ ọ̀dọ́ kan tí iṣẹ́ náà yẹ, kí á ní kí alágbàtà gbà wá láyè láti fi ìwé náà hàn án. Kí á má ṣe fi nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn ránṣẹ́ láìgba àṣẹ rẹ̀.

Ohun tí alágbàtà lè sọ padà

Ó lè ní ilé-iṣẹ́ náà lè fi owó kún un. Kí á béèrè bóyá iṣẹ́ náà yóò yí padà pẹ̀lú owó. Bí owó bá gòkè tí iṣẹ́ sì jẹ́ ti akọ̀wé síbẹ̀, akọ̀wé ni ẹni tí yóò ka ìwé wa lẹ́yìn ọdún méjì yóò rí níbẹ̀.

Ó lè ní kí á gbà á, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọn yóò gbé wa ga. Alágbàtà kò lè ṣe ìlérí fún ilé-iṣẹ́. Bí òótọ́ bá ni, kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́: ipò wo, ọjọ́ wo, owó oṣù mélòó. Bí wọn kò bá fẹ́ kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ó lè dákẹ́. Èyí kò burú, nítorí kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwé tí yóò tún fi ránṣẹ́ ni a ó fi mọ̀ bóyá ó tún àkọsílẹ̀ ṣe. Bí ó bá tún fi iṣẹ́ akọ̀wé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí á ní kí ó yọ orúkọ wa kúrò.

Bí ó bá sì ní kí á san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìforúkọsílẹ̀ kí iṣẹ́ ńlá lè jáde, kí á dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó sanwó fún un.

Nígbà tí a lè gbà á

Ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti kọ́ òmíràn lè mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá náà lè gbà á. Kí wọ́n sọ ìdí náà fún alágbàtà, nítorí ilé-iṣẹ́ máa ń bẹ̀rù pé ẹni tí ipò kéré fún yóò tètè lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè ṣírò kí ó tó fọwọ́ síwèé. Ká ní à ń yọ 90,000 náírà lóṣooṣù nínú owó obìnrin inú àpẹẹrẹ wa, fún àjẹṣẹ́kù àti ẹ̀yáwó. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 kò gbà kí iye tí à ń yọ nínú owó oṣù akọ̀wé kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta lóṣù kan. Nínú 150,000 náírà, 50,000 péré ni èyí. Fún 40,000 tí ó kù, yálà kí ó máa wá a láti ibòmíràn lóṣooṣù, tàbí kí ó wá bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sọ ọ́ kí wọ́n fi kún oṣù ìsanpadà. Kí ó ṣe é kí ó tó gba iṣẹ́ náà, nítorí bí owó bá dúró, àwọn tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni ìwé yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.