Onífọ́tò Ò Sí Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò rí mọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ jókòó sórí àpótí, wọ́n á fa aṣọ ẹ̀yìn yín kó tẹ́jú, wọ́n á gbé iná tó ní agboòrùn funfun sún mọ́ yín lápá kan, wọ́n á fa ẹsẹ̀ kámẹ́rà sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi bá ojú yín dọ́gba. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ yíjú síbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Gbogbo iṣẹ́ ti parí kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó lọ wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1978 pé àwọn onífọ́tò Yorùbá ní ìlànà tiwọn lórí bí ẹni tó wá ya fọ́tò ṣe gbọ́dọ̀ jókòó: kó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, kó gbé ọwọ́ lé itan.

Nísinsìnyí, àwọn ará Àjùwọ̀n tí kò fẹ́ jí ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí ọ̀nà Èkó ti ń ṣe ìpàdé lórí Zoom àti WhatsApp nínú pálọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn ní kámẹ́rà, àmọ́ kò ní onífọ́tò. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n yíjú síbí.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ojú yín ni ẹni tó wà lódì kejì fẹ́ rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà inú láptọ́ọ̀pù ń ṣe ni pé wọ́n á da gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú àwòrán pọ̀, wọ́n á wá agbedeméjì rẹ̀, wọ́n á sì tún un ṣe títí agbedeméjì yẹn á fi bọ́ sí àwọ̀ eérú, láàárín dúdú àti funfun. Tí ògiri funfun tàbí fèrèsé tó mọ́lẹ̀ bá gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín gbogbo rẹ̀ kù. Ojú aláwọ̀ dúdú ló máa kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ wo ojú yín, kí ẹ wá gbé bébà funfun kan síwájú àyà yín. Tí ojú yín bá ń ṣókùnkùn sí i bí bébà náà ṣe ń wọlé, ìṣirò yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí búláòsì léèsì funfun fi máa ń ba ojú jẹ́ lórí fídíò, tí àdìrẹ aláró kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà ayé fíìmù, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n máa fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Lọ́dún 2021 ni Google gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ètò tí wọ́n dìídì ṣe kí àwọ̀ dúdú lè yọ bó ṣe rí. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń rà ní Computer Village n'Ìkẹjà ò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa la máa ṣe iṣẹ́ onífọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan ní Àjùwọ̀n tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lédè. Kíláàsì méjì ló ní lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èkejì ní aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ rí ètè rẹ̀ bó ṣe ń pe "gbà" àti "pa," bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn nìkan ò tó. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ rẹ̀, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ló gbé tábìlì sí, èyí ló sì mú kó kẹ́yìn sí fèrèsé náà. Òjìji tó ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ ń rí.

Wáyà ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n ló kọ́kọ́ nílò, kì í ṣe kámẹ́rà tuntun. Pẹ̀lú rẹ̀, tábìlì á lè kúrò nídìí ògiri, olùkọ́ á sì lè kọjú sí fèrèsé, kó fi nǹkan bíi mítà kan jìnnà sí i, kó sì yà díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba apá kan iwájú wọlé. Àmọ́ oòrùn aago mẹ́rin á gba fèrèsé yẹn wọlé tààrà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á mọ́lẹ̀, èkejì á ṣókùnkùn, iwájú orí á sì máa dán. Kó ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo fèrèsé náà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tó ti gbó dára fún un. Funfun ló gbọ́dọ̀ jẹ́ o, torí kọ́tìnì aláwọ̀ ewé á kun ojú rẹ̀ láwọ̀ ewé.

Ẹ lè kà á níbì kan pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá ló dára jù, nítorí oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé. Ó sún mọ́ òótọ́ nílẹ̀ Yúróòpù. Níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan ń gbà kọjá lórí Àjùwọ̀n. Ohun tó bá ilẹ̀ wa mu ni kéèyàn lo fèrèsé ìwọ̀ oòrùn fún ìpè òwúrọ̀, kó lo ti ìlà oòrùn fún ìpè ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò ní méjèèjì ló máa ta aṣọ.

Kí ẹ tó gbé tábìlì kiri, ẹ na ọwọ́ síwájú ojú yín, kí ẹ máa yí díẹ̀díẹ̀ ká yàrá, kí ẹ máa wo bí òjìji ṣe ń rìn lórí àtẹ́lẹwọ́ àti ìka. Ibi tí ọwọ́ bá ti mọ́lẹ̀ kedere tí òjìji rẹ̀ ò sì le ni kí ẹ kọjú sí.

Alẹ́ ló le jù. Gílóòbù tó wà lájà ń tàn sórí, ihò ojú á sì ṣókùnkùn. Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, ohun méjì ni kámẹ́rà máa ń ṣe. Àkọ́kọ́, á la ojú pẹ́ sí i lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà dípò àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 15 ló lè rí yà, ọwọ́ tó bá sì mira á di kùrukùru. Èkejì, á fi agbára bùkún ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó rí, ìyẹn ló ń fa hóróhóró tó máa ń hó lójú àwòrán bí ẹni tó da iyanrìn sí i. Hóróhóró yìí ń jẹ détà. Ètò tó ń gbé fídíò lọ máa ń fi ọgbọ́n dín ẹrù kù: ohun tó yí padà láti àwòrán kan sí èkejì nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Hóróhóró kì í dúró lójú kan, nítorí náà gbogbo ojú àwòrán ló ń yí padà nígbà gbogbo. Zoom ń béèrè nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 1.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún àwòrán 720p. Tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá lè gbé e, orí hóróhóró ló máa ná èyí tó rí, ojú olùkọ́ á sì di bátabàta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú nẹ́tíwọ̀kì nígbà tó jẹ́ pé gílóòbù ló jẹ̀bi. Ẹ lè mọ èyí tó jẹ́: ẹ wo àwòrán yín ní Settings inú Zoom, lábẹ́ Video, kí ẹ tó wọlé sí ìpè. Àwòrán yẹn ò tíì gba orí nẹ́tíwọ̀kì kankan. Tó bá ti ní hóróhóró níbẹ̀, iná ni. Tó bá mọ́ níbẹ̀ tí àwọn tó wà lódì kejì ń ráhùn, nẹ́tíwọ̀kì ni.

Ohun tí olùkọ́ wa nílò fún aago mẹ́jọ ni iná tábìlì kan tó ga díẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù, lápá kan. Kó má kọjú iná náà sí ara rẹ̀ tààrà. Kó yí i sí páálí funfun ńlá tó gbé ró níwájú, kí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára páálí wá bá ojú rẹ̀. Kó sì sún iná àti páálí náà mọ́ra, torí tí iná kékeré bá kúrò ní mítà kan sí ìdajì mítà, ìmọ́lẹ̀ tó ń bá ojú lè pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin, nígbà tí ògiri tó wà ní mítà méjì lẹ́yìn rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Ìṣirò kámẹ́rà á wá gbè é lẹ́yìn. Tó bá wọ dígí ojú, kó gbé iná náà ga sí i títí tí kò fi ní hàn nínú dígí mọ́.

Tí ìlà dúdú bá ń rìn gòkè-sọ̀kalẹ̀ lójú àwòrán, iná ilé ló fà á. Iná wa ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gílóòbù mìíràn sì ń tàn, ń rẹlẹ̀ ní ìgbà 100. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n Amẹ́ríkà ń retí 60. Nínú ètò àwọn kámẹ́rà kan, ẹ máa rí Anti-flicker tàbí Powerline Frequency; ẹ gbé e sí 50 Hz. Àmọ́ bí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ń hó tó tún ń rọlẹ̀, iná rẹ̀ ò dúró ní 50, kò sì sí bọ́tìnì tó lè tún ìyẹn ṣe. Iná sólà tó ń ti inú bátìrì wá tààrà dára ju gílóòbù jẹnẹrétọ̀ lọ lásìkò yẹn, tí kì í bá ṣe irú èyí tó ń ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì lásán ń wo ihò imú àti àjà ilé. Gílóòbù àjà á sì bọ́ sínú àwòrán, á tún sọ ojú di dúdú. Kí ẹ fi páálí tàbí ìwé gbé e ga títí ojú kámẹ́rà á fi bá ojú yín dọ́gba, kó jìnnà tó gígùn apá. Tó bá sún mọ́ jù ú lọ, imú á tóbi ju etí lọ. Kẹ́ ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà náà, nítorí ọ̀rá ìka ló máa ń fa èéfín tó bo àwòrán.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀ ni kéèyàn tó fọwọ́ kan ètò kámẹ́rà. Nínú Zoom, Adjust for low light wà lábẹ́ Video, àmọ́ ó kàn ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á ni, hóróhóró rẹ̀ náà á sì mọ́lẹ̀. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bá ní Exposure lè yọ ọ́ kúrò ní Auto, kó wá ìwọ̀n tó bá ojú rẹ̀ mu, kó fi síbẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà máa mọ́lẹ̀ kó tún máa ṣókùnkùn ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ìwé funfun sókè fún àwọn ọmọ. Ìwọ̀n aago mẹ́rin ò lè ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́jọ o, bí wọ́n bá sì mú iná lọ láàárín kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ dá a padà sí Auto kí ẹ tó wá iná mìíràn.