Its àti it's: gbólóhùn tó ń tan ojú jẹ

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà, ìkéde tàbí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ kì í pẹ́ bá its pàdé níbi tó yẹ kí it's wà, tàbí kí it's jókòó sáyè its. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń dún lẹ́nu, nítorí náà etí kò lè ran akọ̀wé lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ sípẹ́lì wò náà lè fò ó, torí pé ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì.

Àmì kékeré tí wọ́n ń pè ní apọ́sítírọ́fì ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Tó bá wà lára orúkọ, ó lè sọ ẹni tó ni nǹkan, bíi Dele's car, ọkọ̀ Délé. Ó sì tún máa ń fi hàn pé wọ́n ti yọ lẹ́tà kúrò, bí àwọn tó ń kọ Yorùbá tẹ́lẹ̀ ṣe máa ń kọ l'ọ́jà. Iṣẹ́ kejì yìí nìkan ló ń ṣe nínú it's: it is ni wọ́n ké kúrú, tàbí it has. Ní ti its, ó ń sọ ohun tó jẹ́ ti nǹkan, ó sì bá his, hers àti theirs tan, tí ìkankan nínú wọn kì í ní àmì yìí.

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Bíbélì Ọba Jémíìsì tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1611, its kò sí níbẹ̀ rárá. His ni wọ́n sábà máa ń lò fún ohun tí kì í ṣe ènìyàn pàápàá. Nígbà tí its bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń fi àmì sí i, bí wọ́n ṣe ń fi sí orúkọ. Ó wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n fọwọ́ kọ lọ́dún 1787: ní Abala 1, Ìpín 10, "it's inspection Laws" ni wọ́n kọ, òfin àyẹ̀wò tí ìpínlẹ̀ kan ní. Lóde òní, àṣìṣe là ń pe irú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lónìí kò ya òpè. Ohun tí Dele's kọ́ ọ ló tẹ̀ lé.

Ọ̀nà àyẹ̀wò tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń kọ́ni ni kí a tú ọ̀rọ̀ náà sí it is. Bí gbólóhùn bá ṣì dúró, it's ni. Bí kò bá dúró, its ni. Ó dára, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ti ń tan ènìyàn, ìyẹn nígbà tí being bá tẹ̀ lé e. Ẹ wo gbólóhùn yìí nípa ilé kan:

"The house is old, but its being sold so cheaply surprised the family."

Òǹkàwé tó ń kánjú á tú u: but it is being sold so cheaply. Ó dùn létí, ó pé, kò sì sí àléébù kankan níbẹ̀. Yóò fi àmì sí its, yóò sì ti ba gbólóhùn tó dára jẹ́. Kíkà tí kò kà á dé òpin ló fà á. Bó bá tẹ̀ síwájú, yóò kan surprised: it is being sold so cheaply surprised the family. Ibẹ̀ ni ahọ́n ti máa kọsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ti ń du olùwà kan ṣoṣo. Ohun tó ya ẹbí lẹ́nu ni títà tí wọ́n ta ilé náà ní ọ̀pọ̀, its being sold so cheaply lódindi sì ni olùwà surprised.

Bí iyèméjì bá ṣì kù, kí a fi his dípò rẹ̀. But his being sold so cheaply surprised the family: ìtumọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì, torí ilé kì í ṣe ọkùnrin, àmọ́ ìtò gbólóhùn náà dúró ṣinṣin. Its ló tọ́. Kí a wá yí òpin rẹ̀ padà díẹ̀:

"The house is old, but it's being sold so cheaply that the family is surprised."

Níbí, his kò lè wọlé rárá, it is sì lọ geere títí dé òpin. Bí ọ̀rọ̀ tó wà ṣáájú being àti èyí tó tẹ̀ lé e tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbólóhùn méjèèjì, ohun tó wà lẹ́yìn cheaply ló dá ẹjọ́.

It has náà kò gbọ́dọ̀ di ìgbàgbé. Nínú "It's lost its lid," ìyẹn ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, ẹni tó bá fi it is nìkan dán ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wò lè rò pé àmì yẹn kò tọ́ síbẹ̀. It has lost ni. Èkejì kò gba it is, kò gba it has, ṣùgbọ́n ó gba his: his lid.

Ìwé ìjọba àti ìwé agbẹjọ́rò ni its being ti wọ́pọ̀ jù. Akọ̀wé tí kò bá fẹ́ kí òǹkàwé rẹ̀ kọsẹ̀ lè yẹra fún un pátápátá, kó kọ ọ́ báyìí: "The house is old, but the low price surprised the family."