Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní Ọjà'ba: kí la ó sọ fún ẹni tí a ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi ni ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ apá tó ń ṣàlàyé ìdí nínú ìwé tí a fẹ́ fi tọrọ owó ìrànwọ́. A fẹ́ kọ́ àwọn ará àdúgbò tí wọn kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa wá àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà rí ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹ́yẹrúnkà, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ kúrú: dókítà ọpọlọ kò tó, àwọn ará àdúgbò ti ṣe irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn, ó sì yọrí sí rere, nítorí náà ẹ fún wa lówó. Olùkọ́ wa dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Ṣé o ti ka ti Ìbàdàn?"

Ti Ìbàdàn ni ìwádìí STEPCARE, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn darí, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n pín àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gba aláìsàn 1,178. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà ń fi ìjíròrò ran aláìsàn lọ́wọ́ láti yanjú ìṣòro rẹ̀. Bí ara kò bá yá, wọ́n á ké sí dókítà. Ní apá kejì, wọ́n kàn tún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ ní ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni. Lẹ́yìn oṣù 12, ara 76 nínú 100 yá ní apá kìíní. Ní apá kejì, 77 nínú 100 ni.

Èsì yìí bí mi nínú. Ní Simbábúwè, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń jókòó pẹ̀lú aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì, èsì tó jáde ní 2016 fi hàn pé nǹkan bí 14 nínú 100 ni àìsàn ṣì ń yọ lẹ́nu lẹ́yìn oṣù 6, nígbà tó jẹ́ bí 50 nínú 100 láàárín àwọn tí wọn kò rí ìjókòó náà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ, kí n sì fi ti ilé pa mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé apá méjèèjì ní Ìbàdàn ló rí ohun kan gbà: wọ́n yẹ gbogbo aláìsàn wò, wọ́n sì rí ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tí kò wá sí ilé ìwòsàn kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 ní ilẹ̀ Yorùbá sọ pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le gan-an, bí 8 nínú 100 péré ló gba ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan. Ibẹ̀ ni àlàfo wà. A kò lè sọ pé ìtọ́jú wa yóò dára ju ti ilé ìwòsàn tó ti gba ẹ̀kọ́ lọ. Ohun tí a lè sọ ni pé a ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi alátà kan ní Ọjà'ba ṣe àpẹẹrẹ. Kò ní sọ pé òun ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Yóò ní orí òun ń gbóná, oorun ò kùn òun. Òṣìṣẹ́ wa á bi í ní ìbéèrè 9 ti PHQ-9 lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3. Ká ní ó gba 13. Àárẹ̀ àti àìsùn lè jẹ́ ti ẹni tó ń jí lọ gbé ẹrù lóru, nítorí náà ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ la ó kọ́kọ́ wò: "Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́? Ṣé ọkàn yín máa ń bàjẹ́?" Bí méjèèjì bá jẹ́ 0, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀ wò. Ìbéèrè kẹsàn-án dá lórí èrò ikú. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ju 0 lọ, a kò ní dúró ka àròpọ̀: òṣìṣẹ́ á mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà.

Bí kò bá sí èyí, òun àti òṣìṣẹ́ á mú ìṣòro kan ṣoṣo, bí gbèsè àjọ, wọ́n á wá ìgbésẹ̀ kan tó ṣeé ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: òṣìṣẹ́ á di oníwàásù. Bí alábòójútó bá rí i pé òṣìṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ ju aláìsàn lọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí owó alábòójútó fi ju owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ nínú ìwé wa.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ẹlòmíràn a máa lọ fúnra rẹ̀, nítorí náà iye ẹni tí ara rẹ̀ yá nìkan kò lè jẹ́rìí wa. A ó bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò méjì, kí méjì yòókù dúró di ọdún kejì, a ó sì ka iye ẹni tó kọ́kọ́ rí ìtọ́jú ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá dọ́gba, a jẹ́ pé ìdí tí mo kọ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé.