Ògiri sípíkà níbi ọ̀wàmbẹ̀: èwo ló ń dún, èwo ló wà fún ojú?

Ní Òrè níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka kánọ́pì kí wọ́n tó mọ bí ìnáwó kan ṣe tó. Sípíkà ni wọ́n ń wò. Wọ́n á to àpótí dúdú lórí àpótí dúdú, lọ́tùn-ún àti lósì olórin, títí tó fi máa ga ju èèyàn lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gìtá, àwọn aládùúgbò ti ń sọ ọ́ pé olówó ló ń ṣòkú yìí o.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí ni pé, ṣé gbogbo àpótí yẹn ló ń ṣiṣẹ́? Owó ẹni tó ń náwó wà nínú ìdáhùn ẹ̀, etí àwọn tó jókòó síwájú náà sì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé e dé

Nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ nínú orin jùjú, ìlù ò lè pọ̀ jù, torí ó máa bo ohùn ẹnu àti gìtá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni makirofóònù àti ámúpù bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn olórin Èkó. Ní 1948, Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan wọ inú jùjú. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè so makirofóònù kékeré mọ́ ara gìtá ẹ̀. Látìgbà yẹn, gìtá àti ohùn ti lè dúró ti ìlù láìbẹ̀rù. Ká ní kò sí sípíkà ni, a ò bá má gbọ́ gìtá kankan láàárín onílù rẹpẹtẹ tí Ebenezer Obey àti Súnny Adé kó jọ lẹ́yìn wọn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù náà, iṣẹ́ ló bí títo àpótí lórí ara wọn. Jim Marshall ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Hanwell. Ní 1965, Pete Townshend, onígìtá ẹgbẹ́ The Who, ní òun fẹ́ ámúpù 100 wáàtì, àti àpótí kan ṣoṣo tí sípíkà oní-ínṣì 12 mẹ́jọ máa wà nínú ẹ̀. Marshall ṣe é, àmọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù fún ẹgbẹ́ náà ò lè gbé e. Ló bá pín in sí méjì, sípíkà mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan lórí èkejì, ámúpù wá jókòó lókè pátápátá.

Láyé ìgbà yẹn, sípíkà tó wà nínú gbọ̀ngàn ò lágbára, ohùn ẹnu nìkan ló sábà máa ń gbà á kọjá. Gìtá ní láti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn láti orí ìtàgé dé ọ̀dọ̀ èrò ẹ̀yìn. Nígbà tí sípíkà gbọ̀ngàn wá lágbára tán, makirofóònù kan níwájú sípíkà kan ti tó. Àmọ́ ojú èèyàn ti mọ́ ògiri yẹn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to àpótí tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ sórí ìtàgé nìyẹn. Wọ́n ní àgbá òfìfo ló ń dún woroworo. Àpótí òfìfo tiwọn ò dún rárá, ojú ló wà fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún tó. Tẹ́ ẹ bá sọ àpótí di ìlọ́po méjì, tí ámúpù náà sì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lẹ máa rí lé e. Etí èèyàn ò sì ní sọ pé ohùn ti di ìlọ́po méjì àfi tó bá fẹ́ẹ̀ lé ní 10. Nítorí náà, láti àpótí 2 sí 4, ẹ jèrè 3. Láti 4 sí 8, ẹ tún jèrè 3. Láti 8 sí 16, 3 mìíràn. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 9. Ẹni tó háyà àpótí 16 san ìlọ́po mẹ́jọ owó àpótí 2, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò tíì pé ìlọ́po méjì.

Báàsì nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀. Tí àwọn àpótí báàsì bá fara kan ara wọn, ìró wọn á para pọ̀, èrè ìlọ́po méjì lè tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń kó báàsì jọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọn kì í tú wọn ká.

Ẹ wá mú un lọ sí òpópónà kan tí wọ́n dí fún ayẹyẹ. Níta gbangba, gbogbo ìgbà tí ìrìn láti ọ̀dọ̀ sípíkà bá di ìlọ́po méjì, ohùn máa ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù. Ká ní tábìlì àkọ́kọ́ wà ní mítà 4, tó ń gbọ́ 110. Ní mítà 8 ó di 104, ní 16 ó di 98, ní 32 ó di 92. Àwọn ará ẹ̀yìn wá ń ráhùn pé àwọn ò gbọ́ dáadáa. Ẹ fi àpótí kún un níwájú di ìlọ́po méjì: ẹ̀yìn bọ́ sí 95, iwájú bọ́ sí 113.

Níbi tí ewu wà nìyẹn. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní 85 ni etí lè gbà fún wákàtí 8, àti pé tó bá fi 3 lé, kí àkókò dínkù sí ìdajì. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Ní 110, kò pé ìṣẹ́jú 2. Ẹbí olóòkú gan-an ló sì máa ń jókòó sí tábìlì iwájú, láti ọ̀sán di òru.

Ohun tó dáa ju ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé àpótí ohùn lókè orí èèyàn, kẹ́ ẹ wá gbé méjì lọ sí àárín òpópónà. Àmọ́ ohùn tó gba wáyà máa ṣáájú èyí tó gba afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá máa dà bíi gbohùngbohùn inú igbó. Oní-sáúńdì ní láti dá tàárín dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ mítà 20, ó di 60. Ọ̀pọ̀ míksà ìgbàlódé ló lè ṣe é.

Níbi tí ámúpù ti ń jóná

Títo àpótí jọ tún ní ìṣòro kan tí ojú kì í rí. Àpótí kan sábà máa ń jẹ́ óòmù 8. Tí wọ́n bá so méjì pọ̀ mọ́ ẹnu ámúpù kan náà bó ṣe wọ́pọ̀, ó di 4; mẹ́rin, ó di 2. Bí ámúpù náà kò bá gbà ju 4 wálẹ̀, ó máa gbóná, iná PROTECT á tàn, orin á dákẹ́ láàárín kókó. Tí iná pupa CLIP bá ń tàn ṣáá, tí gílóòbù sì ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí báàsì bá lù, ámúpù tàbí jẹnẹrétọ̀ ti dé òpin agbára ẹ̀. Sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín ló sábà máa ń kọ́kọ́ jóná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ háyà, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: àpótí mélòó ló máa ń dún nínú èyí tí wọ́n tò, ámúpù mélòó ló ń tì wọ́n, àti bóyá jẹnẹrétọ̀ lè gbé gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí bóyá wáyà wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú ẹ̀ nígbà tí báàsì bá ń lù. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ pé ọlá lẹ fẹ́, kò burú, ẹ to 16. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó èyí tó ń dún lórí èyí tó kàn dúró.