Máàkì Tí Kọ̀ǹpútà Gé Sọnù

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ìdánwò iṣẹ́ márùn-ún, ó gba 72, 68, 71, 66 àti 72. Ẹni tó bá fi bírò ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 349, àti pé bí a bá pín in sí 5, ìpín-dọ́gba rẹ̀ jẹ́ 69.8. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì gba 345 lápapọ̀, tirẹ̀ sì jẹ́ 69 géérégé. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà gbé èsì jáde, 69.0 ló kọ fún àwọn méjèèjì, ó sì fi wọ́n sí ipò kan náà. Máàkì mẹ́rin tí ọmọ àkọ́kọ́ fi ju èkejì lọ ti wọgbó.

Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan èsì yìí. Ìlà kẹta nínú ètò tí wọ́n fi èdè Java kọ ló ni ẹ̀bi:

```java
int apapo = 349;
int iye = 5;
double ipin = apapo / iye;
```

`int` ni nọ́ńbà odidi. `double` ni èyí tó lè gba dẹ́símà. Bí a bá fi odidi pín odidi, odidi náà ni Java yóò fún wa. Kì í sún 69.8 sókè sí 70. Ńṣe ló ń gé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àmì dẹ́símà dànù. Ọ̀pọ̀ ló gbójú lé `double` tó ṣáájú ìlà náà, àmọ́ Java ti parí pípín náà kó tó gbé èsì rẹ̀ sínú `double`. Ìdí nìyẹn tí 69 fi di 69.0, tó wá dà bí ìṣirò tó péye. Ẹni tó kọ `(double) (apapo / iye)` kò tíì tún nǹkan kan ṣe, nítorí pípín tó wà nínú àkámọ́ ló ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí rèé:

```java
double ipin = (double) apapo / iye;
```

Níbí, 349 ti di 349.0 kí pípín tó bẹ̀rẹ̀, 69.8 sì jáde. Èdè C àti C++ náà ní ìwà yìí. Python 3 ò ní in, àmì `/` rẹ̀ ń mú dẹ́símà jáde, ìyẹn ló sì ń tan àwọn tó ti ibẹ̀ wá sí Java.

Àṣìṣe yìí máa ń fara pamọ́ fún ẹni tó bá fi 40 àti 60 dán ètò wò, torí pé 50 tó tọ́ ni yóò rí. 1 àti 2 ni kí ẹ fi dán an wò: bí kò bá fún yín ní 1.5, ó ń gé máàkì. Bí ìpín-dọ́gba gbogbo kíláàsì bá sì parí sí .0, ẹ fura.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ẹ kò mọ èdè kọ̀ǹpútà náà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi iye iṣẹ́ sọ ìpín-dọ́gba di púpọ̀: 69 lọ́nà 5 jẹ́ 345. Bí àpapọ̀ tó wà lórí káàdì bá jẹ́ 349, ẹ má ṣe gba káàdì náà. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣírò.