Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ìwé tí ọ̀gá fi ń tọ́ olùtọ́jú ọkàn sọ́nà

Lọ́dún 2017, àwọn ajínigbé kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ní Ìgbónlá, Ẹ̀pẹ́. Ká sọ pé ọmọ tó rí irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ọkàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkòròdú. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀gá tó ń tọ́ olùtọ́jú náà sọ́nà á kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé: nọ́ńbà ọmọ náà dípò orúkọ, ohun tí olùtọ́jú àti ọmọ jọ ṣe, bí ẹ̀rù ṣe bà á tó, láti 0 dé 10, àti bó ṣe rí lára olùtọ́jú.

Bí ìwé bá fi hàn pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mímí jẹ́jẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọmọ, ọ̀gá á béèrè pé: "Ta lẹ̀rù ń bà, ọmọ ni àbí ìwọ?" Nígbà míì, olùtọ́jú ló ń sá fún ìtàn náà. Ọ̀gá àti olùtọ́jú á wá kọ ìgbésẹ̀ tó kàn: kí ọmọ kọ́kọ́ sọ bí àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe rí, kó tó débi ìbọn. Ẹ má sì jẹ́ kó lọ sílé kí ẹ̀rù tó rọlẹ̀.