Owó Tí A So Mọ́ Ọjọ́

Ní apá ìlú wa yìí, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ títí lọ dé Ìdó, owó kì í wọlé fún àgbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà tí a bá ta kòkó tán ni owó ńlá máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó yìí lè wà nílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ohun tí a fẹ́ fi ṣe tó dé. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni báńkì ń bá ni so mọ́ ọjọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni fíìsì dìpọ́síìtì.

Kí ni fíìsì dìpọ́síìtì? Àdéhùn ni, láàárín ẹni tí ó ní owó àti báńkì. Olówó sọ pé, “Ẹ gba owó yìí. N kò ní í fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ báyìí.” Báńkì náà sọ pé, “A gbà. Bí ọjọ́ náà bá pé, a ó dá ojú owó yín padà, a ó sì fi èlé lé e.” Nítorí pé báńkì mọ̀ pé owó náà yóò pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ òun, èlé rẹ̀ sábà máa ń ju ti owó tí a lè gbà nígbàkúùgbà lọ. Ènìyàn lè so owó mọ́ ọgbọ̀n ọjọ́, ọgọ́ta ọjọ́, àádọ́rùn-ún ọjọ́, tàbí ọdún kan gbáko.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé ta kòkó, ó sì mú 365,000 náírà lọ sí báńkì ní ọjọ́ 2 oṣù Disẹ́ńbà. Ó so ó mọ́ 90 ọjọ́. Báńkì ní àwọn yóò san èlé náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Inú bàbá dùn. Ó ń rò pé òun yóò gba 36,500 náírà.

Ó bi akọ̀wé báńkì pé, “Ọmọ mi, ṣé 36,500 ni ẹ ó fi lé owó mi?”

Akọ̀wé dáhùn pé, “Rárá o, Bàbá. Èlé ọdún kan ni ìyẹn. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni owó yín yóò lò lọ́dọ̀ wa.”

Òótọ́ ni akọ̀wé sọ. Iye èlé tí báńkì bá dá, ti ọdún kan ni, àfi bí wọ́n bá sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ó pín 36,500 sí ọ̀nà 365, nítorí pé 365 ni ọjọ́ tí ó wà nínú ọdún. Ohun tí a rí ni 100 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Fún 90 ọjọ́, èlé bàbá jẹ́ 9,000 náírà. Ìjọba ń gba owó orí lára èlé yìí, náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún. Báńkì ni ó máa ń yọ ọ́. Bí a bá yọ 900 kúrò nínú 9,000, ó ku 8,100 náírà. Ojú owó kò dín rárá. Ara èlé nìkan ni wọ́n ti yọ owó orí.

Ọjọ́ wo ni owó náà yóò pé? Ẹ kà á: ọjọ́ 29 ni ó kù nínú Disẹ́ńbà, 31 ní Jánúárì, 28 ní Fẹ́búárì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88. Nítorí náà ọjọ́ 2 oṣù Máàṣì ni owó pé. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, báńkì kò ní í ṣí. Ó di ọjọ́ Ajé.

Ẹ fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Bàbá ní ọmọ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 20 Fẹ́búárì, ọmọ ránṣẹ́ pé owó ilé-ìwé ti di kánkán. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kí owó pé. Ǹjẹ́ bàbá lè gbà á? Báńkì sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n bàbá ti já àdéhùn, báńkì yóò sì gba ìtanràn. Ìtanràn yìí kò rí bákan náà ní gbogbo báńkì. Báńkì kan lè yọ ìdá mẹ́rin èlé kan. Òmíràn lè sọ pé kò sí èlé mọ́ rárá.

Ọgọ́rin ọjọ́ ni owó bàbá ti lò, èlé rẹ̀ sì ti tó 8,000 náírà. Ní báńkì àkọ́kọ́, wọn yóò yọ 2,000, yóò ku 6,000. Bí a bá yọ owó orí 600, 5,400 ni yóò kan bàbá lọ́wọ́, dípò 8,100. Ní báńkì kejì, ojú owó rẹ̀ nìkan ni yóò gbé lọ sílé, bí ẹni pé kò so owó mọ́ ọjọ́ rí.

Kí ni ì bá ti ṣe? Ì bá ti pín owó náà sí ọ̀nà méjì ní ọjọ́ tí ó mú un lọ. Ká ní ó so 182,500 mọ́ 60 ọjọ́, owó ilé-ìwé ì bá ti pé ní ọjọ́ 31 Jánúárì. Ì bá sì so 182,500 yòókù mọ́ 90 ọjọ́. Bí èlé méjèèjì bá jẹ́ mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 3,000, ti èkejì jẹ́ 4,500. Bí a bá yọ owó orí, 6,750 náírà ni ì bá gbà, kò sì ní í san ìtanràn kankan. Ọjọ́ tí a fẹ́ ná owó ni kí á kọ́kọ́ wò, kí á tó wo bí èlé ti pọ̀ tó.

Ohun kan tún wà. Bí owó bá pé tí olówó kò sì yọjú, báńkì mìíràn á tún un so mọ́ ọjọ́ tuntun, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ bá dé lọ́sẹ̀ kejì láti gba owó, wọn yóò ní ó ti wọ àdéhùn mìíràn, ìtanràn sì tún dé. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ nǹkan márùn-ún yìí síbẹ̀: ojú owó, iye èlé, ọjọ́ tí owó pé, ohun tí wọn yóò fi owó ṣe ní ọjọ́ náà, àti iye ìtanràn. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́. Ẹni tí ó bá gba owó yín ní ìta, tí kò fún yín ní ìwé báńkì, kì í ṣe fíìsì dìpọ́síìtì ni ó bá yín ṣe.

Bí báńkì bá kógbá sílé ńkọ́? Àjọ ìjọba kan wà tí ń ṣe onídùúró fún owó tí a kó sí báńkì. NDIC ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 2024, ìdúró rẹ̀ tó 5,000,000 náírà fún ẹnì kan ní báńkì ńlá kan, àti 2,000,000 ní báńkì kéékèèké tí à ń pè ní maikirofáínáǹsì. Ní oṣù Júùnù ọdún 2024 kan náà, nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Báńkì Hẹ́ritéèjì, àjọ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó tí a so mọ́ ọjọ́ wà lábẹ́ ìdúró yìí.

Ẹ mú bírò yín, kí ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Obìnrin oníṣòwò kan ní Ìdó so 730,000 náírà mọ́ 30 ọjọ́, èlé rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èló ni èlé tí yóò gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó orí? Bí ẹ bá rí 5,400 náírà, ẹ gbà á.